Áàpù Tó Ń Lé Yín Jáde Ṣáá: Ẹ Mọ Ohun Tó Fà Á Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan, inú ń bí i. Áàpù tó fi ń tọ́jú owó ni kò jẹ́ kó sinmi. "Ìgbà mẹ́rin ni mo ti tẹ páásíwọ̀ọ̀dù lónìí. Mo fẹ́ yọ nǹkan yìí kúrò, kí n tún un gbà látìbẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì yọ ọ́."

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Béèyàn bá yọ áàpù kúrò lórí fóònù tó ti pẹ́, ó lè má rí i gbà mọ́, torí àwọn tó ni áàpù náà ti lè sọ pé fóònù irú bẹ́ẹ̀ kò sí nínú èyí táwọn ń ṣiṣẹ́ fún mọ́. Áàpù tó ṣì ń ṣí, bó tiẹ̀ ń lé èèyàn jáde, sàn ju èyí tí kò sí rárá lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo bó ṣe ń lé wọn jáde. Bó ṣe ń ṣe é ló máa sọ ohun tó ń ṣe é.

Ṣé lóòótọ́ ló lé yín jáde?

Ẹ wo ohun tó ń béèrè. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà àṣírí mẹ́rin tàbí mẹ́fà, tàbí ìka ọwọ́ nìkan, tó sì ṣì mọ orúkọ yín, kò lé yín jáde. Ṣe ló kàn ti ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ áàpù owó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ téèyàn ò bá fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sí ohun tí ẹ máa tún ṣe níbẹ̀. Àmọ́ bó bá ń béèrè nọ́ńbà fóònù tàbí ímeèlì pẹ̀lú páásíwọ̀ọ̀dù, bí ẹni tí kò rí yín rí, ó lé yín jáde nìyẹn. Ti ẹ̀gbọ́n mi, ímeèlì ló ń béèrè.

Káàdì méjì tó wà nínú fóònù yín

Nígbà tí ẹ bá tẹ páásíwọ̀ọ̀dù, áàpù tí wọ́n ṣe dáadáa kì í tọ́jú páásíwọ̀ọ̀dù náà. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àwọn tó ni áàpù, máa yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fún fóònù yín ní ohun kan tó dà bíi káàdì ìwọlé. Tókìn làwọn tó ń ṣe áàpù ń pè é. Ọ̀pọ̀ áàpù ló ń gba méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tókìn kékeré ni wọ́n ń fi hàn sáfà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ nǹkan, kì í sì í pẹ́ kó tó kú: ó lè jẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan, ó lè jẹ́ wákàtí kan. Tókìn àgbà máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa gba tókìn kékeré tuntun lọ. Ẹ̀yìn yín ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí pàṣípààrọ̀ yìí bá kùnà lẹ máa rí ojú ewé tó ń béèrè páásíwọ̀ọ̀dù.

Ọ̀pọ̀ áàpù ìsinsìnyí tún fi ìṣọ́ra kan kún un. Bí wọ́n bá ti lo tókìn àgbà lẹ́ẹ̀kan, sáfà máa fagi lé e, á sì fún wọn ní tókìn àgbà mìíràn. Bí fóònù kò bá rí èyí tuntun kọ sílẹ̀, bóyá nítorí pé àyè ti tán, tàbí nítorí pé fóònù pa áàpù lójijì, èyí tó ti kú ló máa tún gbé lọ. Sáfà máa rò pé olè ló gbé e wá, á sì lé gbogbo yín jáde, olè àti onílé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ kí fóònù tó kún fọ́fọ́ máa lé èèyàn jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ àkókò sílẹ̀ fún ọjọ́ kan

Bébà àti bírò ti tó. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ wọlé, ìgbà tí ẹ tún ṣí i tó ṣì mọ̀ yín, àti ìgbà tó lé yín jáde. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kọ lọ́jọ́ kejì rèé: ó wọlé ní aago 7:10 àárọ̀. Ó ṣí i ní 7:45, ó ṣiṣẹ́. Ó ṣí i ní 8:20, ó ti jáde. Ó tún wọlé ní 12:05 ọ̀sán, ó ṣí i ní 12:50, ó ṣiṣẹ́. Ní 1:15, ó ti jáde. Ó wọlé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó pa fóònù, ó tún un tàn, áàpù ṣì mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fi máa di 6:10, ó ti jáde.

Ẹ jẹ́ ká kà á. Ó pa fóònù, ó sì tàn án, áàpù ṣì mọ̀ ọ́n. Fóònù rí káàdì náà kọ sílẹ̀ nìyẹn, kò sọ ọ́ nù. Àmọ́ bó bá ti tó wákàtí kan, ó parí. Tókìn kékeré ló ń kú, tí pàṣípààrọ̀ sì ń kùnà. Nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀, ọkàn mi lọ tààrà sí ẹ̀yà áàpù tó ti gbó.

Ká ní gbogbo ìgbà tó bá ti pa áàpù ló ń jáde, tí kò sí wákàtí kan pàtó, mi ò bá kọ́kọ́ wo àyè inú fóònù. Ká ní ẹ̀yìn ìgbà tí bátìrì bá kú pátápátá ni, mi ò bá wo déètì. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ fi ìka tuntun kún fóònù tàbí tí ẹ yọ títì ojú fóònù kúrò ló ṣẹlẹ̀, kò sí àìsàn kankan: Android lè ba kọ́kọ́rọ́ tí áàpù fi ti tókìn pa jẹ́ nírú àkókò bẹ́ẹ̀ kí ẹlòmíì má bàa fi ìka tirẹ̀ wọlé. Ẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Bó bá sì jẹ́ ìgbà tí ẹ bá ṣí i lórí fóònù kejì ni, ó lè jẹ́ pé fóònù kan ṣoṣo ni áàpù náà ń gbà. Nítorí èyí, ẹ má ṣe tètè wọlé lórí fóònù ẹlòmíì "láti fi dán an wò". Ìdánwò yẹn gan-an lè lé yín jáde, kó sì da àkọsílẹ̀ yín rú.

Ìgbésẹ̀ kejì: déètì àti àkókò

Ìṣẹ́jú kan kò ní gbà yín, ìdí nìyẹn tó fi ṣáájú. Nínú Settings, ẹ wá Date & time (lórí fóònù míì, inú System tàbí General management ló wà), kí ẹ sì rí i pé Set time automatically wà ní títàn. Tókìn máa ń ní àkókò tó máa kú lára. Bí aago fóònù bá sá ṣáájú pẹ̀lú wákàtí méjì, tókìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un lè ti dà bí òkú lójú áàpù. Bó bá jẹ́ ọdún ló fi ṣì, áàpù kò tiẹ̀ ní lè bá sáfà sọ̀rọ̀, torí pé ìwé ẹ̀rí ààbò tí sáfà ń fi hàn máa dà bí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tàbí tó ti kọjá. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ ti rẹ̀ máa ń bọ́ sínú èyí dáadáa.

Ti ẹ̀gbọ́n mi péye.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ̀yà áàpù

Ẹ tẹ àwòrán áàpù náà mọ́lẹ̀, kí ẹ yan App info. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ máa rí nọ́ńbà ẹ̀yà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Play Store, ẹ wá orúkọ áàpù náà, kí ẹ wo bọ́tìnnì tó wà níwájú rẹ̀. Bó bá jẹ́ Update, ẹ̀yà yín ti gbó. Bó bá jẹ́ Open, èyí tó tuntun jù tí Play Store lè fún fóònù yín lẹ ní lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí gbólóhùn yẹn: èyí tó lè fún fóònù *yín*. Ẹlòmíì tí fóònù rẹ̀ tuntun ju tiyín lọ lè ti ní ẹ̀yà mìíràn.

Báwo ni ẹ̀yà àtijọ́ ṣe ń lé èèyàn jáde? Àwọn tó ni áàpù lè yí ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ tókìn padà, tàbí ohun tí áàpù gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ fún un. Áàpù àtijọ́ kò mọ̀. Ó mú tókìn àgbà lọ sí ojú ilẹ̀kùn àná, sáfà ní "mi ò mọ̀ ọ́", áàpù sì túmọ̀ ìdáhùn yẹn sí pé ẹni yìí kì í ṣe tiwa mọ́. Páásíwọ̀ọ̀dù ṣì lè máa ṣiṣẹ́ nítorí pé wọn kò tíì ti ilẹ̀kùn páásíwọ̀ọ̀dù. Bó ṣe di pé èèyàn ń wọlé dáadáa tí kò sì lè pẹ́ nínú ilé nìyẹn. Áàpù tí wọ́n ṣe dáadáa ì bá sọ fún èèyàn pé "ẹ gba ẹ̀yà tuntun". Ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ ọ́, ó sì máa ń bí mi nínú.

Bọ́tìnnì ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe Update, kì í sì í ṣe Open. Pending ló wà níbẹ̀. "Mo ti tẹ̀ ẹ́ látijọ́," ló wí. "Mo rò pé ó ti ṣe é." Kò ṣe nǹkan kan. Ó ti wà lórí ìlà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí mo sì wo àyè inú fóònù, ó ku díẹ̀ kí ó tán: nínú gígábáìtì 32, irínwó mẹ́gábáìtì péré ló kù. Áàpù kan máa ń fẹ́ àyè ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n bá ń rọ́pò rẹ̀, torí pé ẹ̀yà tuntun gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n tó palẹ̀ èyí àtijọ́ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: káàṣì, ṣùgbọ́n ti ta ni?

Ibí yìí ni àwọn èèyàn ti máa ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n sọ pé "pa káàṣì rẹ́". Káàṣì jẹ́ ẹ̀dà àwòrán, ojú ewé àti àwọn fáìlì tí áàpù ti gbà wá tẹ́lẹ̀, tó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa tún gbà wọ́n. Nínú áàpù tí wọ́n ṣe dáadáa, tókìn kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, Clear cache kì í sábà lé yín jáde, kì í sì í sábà wò yín sàn nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí. Ibì kan ló ti wúlò: bí ojú ewé tí ẹ fi ń wọlé bá jẹ́ ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì tó ṣí nínú áàpù, ẹ̀dà àtijọ́ rẹ̀ lè máa bá sáfà tuntun jà. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ tẹ páásíwọ̀ọ̀dù, ó gbà á, ojú ewé yí bírí, ó sì dá yín padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láìsọ pé ẹ ṣe àṣìṣe.

Bọ́tìnnì méjì ló wà lábẹ́ Storage nínú App info, wọ́n sì sún mọ́ra jù. Clear cache ń pa ẹ̀dà rẹ́. Clear storage, tí àwọn fóònù kan ń pè ní Clear data, ń pa ohun gbogbo rẹ́: tókìn, ètò tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ kọ tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ sáfà. Ẹ má tẹ èkejì láìjẹ́ pé ẹ mọ páásíwọ̀ọ̀dù yín lórí, tí nọ́ńbà tàbí ímeèlì tí wọ́n máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí sì ṣì wà lọ́wọ́ yín. Mo ti rí ẹni tó pa á rẹ́ kí ó tó rántí pé síìmù tí kóòdù ń lọ sí ti sọnù.

Bí áàpù yín bá ń gbé yín lọ sínú Chrome láti wọlé, ti Chrome ni kí ẹ wò. Nínú Settings rẹ̀, lábẹ́ Privacy and security, ẹ wá Delete browsing data. Ẹ fi àmì sí Cached images and files nìkan. Ẹ yọ àmì kúrò níwájú Cookies and site data, torí pé kúkì ni káàdì ìwọlé ti àwọn ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ bá sì pa á rẹ́, ibi gbogbo lẹ máa ti jáde.

Káàṣì tí mo pa rẹ́ lórí fóònù ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ti áàpù owó rárá. Ti Play Store ni, torí pé òun ló ń fi áàpù sórí ìlà. Ohun tí mo ṣe rèé, ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Mo kọ́kọ́ jẹ́ kó kó fídíò sórí kọ̀ǹpútà títí tí gígábáìtì mẹ́ta fi ṣí sílẹ̀. Mo wọ Settings, Apps, Google Play Store, Storage, mo tẹ Clear cache. Mo ṣí Play Store, mo tẹ àwòrán orí rẹ̀ lókè, mo yan Manage apps & device, mo sì dá gbogbo ohun tó wà lórí ìlà dúró. Lẹ́yìn náà ni mo wá áàpù owó náà nìkan, mo tẹ Update. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fi wọlé.

Nígbà tó ṣí i, ó tún ti jáde. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀: tókìn tí ẹ̀yà àtijọ́ fi sílẹ̀ ni ẹ̀yà tuntun bá nílẹ̀, kò sì wúlò fún un. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣì mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn irú àtúnṣe yìí, ìjáde kan ṣoṣo kì í ṣe àmì pé àìsàn ti padà. Ẹ dúró kó kọjá iye àkókò tó máa ń gbà tẹ́lẹ̀, ní ìlọ́po méjì, kí ẹ tó dájọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ètò fóònù fúnra rẹ̀

Bí ẹ̀yà áàpù bá tuntun tó sì ń lé yín jáde síbẹ̀, ẹ lọ sí Settings, About phone, kí ẹ ka Android version. Ẹ rántí pé orí fóònù kan náà, nǹkan mẹ́ta lè gbó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èkíní ni Android fúnra rẹ̀, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù ń fi ránṣẹ́, tí wọ́n sì máa ń dá dúró lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Èkejì ni Google Play system update, tó wà láti Android 10 síwájú, ẹ máa rí i nínú Security. Ẹ̀kẹta ni Android System WebView, ẹ̀rọ tó ń ṣí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì nínú àwọn áàpù míì. Inú Play Store lẹ ti máa wá a ní orúkọ.

WebView yìí ni ẹnikẹ́ni kì í ronú kàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àṣìṣe kan tó wà nínú ẹ̀yà tuntun rẹ̀ mú kí ọ̀pọ̀ áàpù máa kú lójijì lórí fóònù Android káàkiri ayé, àwọn èèyàn sì ń bú áàpù tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Bí tiyín bá ti gbó tàbí tí ẹnì kan ti tẹ Disable lórí rẹ̀, ojú ewé ìwọlé lè funfun báláú, tàbí kó máa yí kiri láìdé ibì kankan. Lórí Android 7 sí 9, Chrome ló ń ṣe iṣẹ́ yìí dípò rẹ̀, nítorí náà Chrome ni kí ẹ gba ẹ̀yà tuntun fún. Àmọ́ ó ní ibi tó mọ: Chrome 138 ni ó kẹ́yìn tó ṣiṣẹ́ lórí Android 8 àti 9. Láti 139 lọ, Android 10 ni ó kéré jù. Android 9 ni fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ fún un pé áàpù yẹn lè má pẹ́ kó tó sọ pé òun kò gba fóònù rẹ̀ mọ́, àti pé nígbà yẹn, kò sí káàṣì tí a lè pa rẹ́ tó máa yí i padà.

Fóònù tó bá kéré sí Android 7.1.1 tún ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn ìwé ẹ̀rí ààbò àgbà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ti dàgbà. Èyí tí Let's Encrypt, àjọ tó ń fún àìlóǹkà ojú òpó ní ìwé ẹ̀rí ààbò, gbára lé tẹ́lẹ̀ kú ní ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Wọ́n ṣe ọ̀nà àbùjá kan fún àwọn fóònù àtijọ́, èyí sì parí ní ọdún 2024. Lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀, áàpù lè kọ̀ láti bá sáfà sọ̀rọ̀, kí ó sì gbé ojú ewé ìwọlé jáde bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ṣe àṣìṣe.

Bọ́rọ̀ bá ti dé ibi tí fóònù kò lè gba ẹ̀yà áàpù tuntun, ọ̀nà méjì ló kù: kí ẹ lo ojú òpó wọn nínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n bá ní, tàbí kí ẹ lo fóònù mìíràn. Ẹ má lọ gba fáìlì áàpù láti ojú òpó tí ẹ kò mọ̀, pàápàá áàpù tó mọ owó yín. Ẹni tó tún un dì lè ti fi nǹkan míì sínú rẹ̀.

Lórí áífóònù, kò sí bọ́tìnnì Clear cache. Nínú Settings, General, iPhone Storage, ẹ máa rí Offload App, tó ń yọ áàpù ṣùgbọ́n tó ń fi dátà rẹ̀ sílẹ̀, àti Delete App, tó ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Offload ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú, àmọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé áàpù náà ṣì wà ní App Store fún fóònù yín. Bí App Store bá ní kí ẹ gba ẹ̀yà tó kẹ́yìn tó bá fóònù yín mu, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yà àtijọ́ nìyẹn, ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi sì lè ṣe yín.

Bí kò bá tán síbẹ̀

Ẹ wá kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù, ẹ má sì kọ "áàpù yín kò dáa". Ẹ fi àkọsílẹ̀ yín ránṣẹ́. Irú èyí tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi múra sílẹ̀, tí a kò wá lò mọ́, rèé:

"Áàpù yín ń béèrè ímeèlì àti páásíwọ̀ọ̀dù lọ́wọ́ mi lẹ́yìn bíi wákàtí kan ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé. Bí mo bá pa fóònù tí mo sì tàn án kó tó pé wákàtí kan, ó ṣì ń dá mi mọ̀. Fóònù kan ṣoṣo ni mo ń lò, déètì rẹ̀ péye. Android 9 ni. Nọ́ńbà ẹ̀yà áàpù náà rèé. Mo wọlé lónìí ní aago 7:10, mo bá a ní jíjáde ní 8:20."

Pẹ̀lú aago méjì yẹn, ẹni tó ń tọ́jú sáfà lè ṣí ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ kó sì rí ìdí tí wọ́n fi kọ tókìn náà. Ẹ má fi páásíwọ̀ọ̀dù tàbí kóòdù kún un. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀ kì í ṣe ará wọn.